Irin rọ́ọ̀dù tó dé sáìtì: bí a ṣe ń yan gíréèdì, àti bí òṣùwọ̀n ṣe ń tú irin tín-ín-rín fó

Lórí ọ̀pọ̀ sáìtì nílẹ̀ Yorùbá, orúkọ ni wọ́n fi ń ra irin. Wọ́n á ní kí wọ́n gbé irin 16 wá, kí wọ́n gbé irin 12 wá, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Ìnípọn ní mìlímítà ni orúkọ yẹn ń tọ́ka sí, ṣùgbọ́n kò sọ bí irin náà ṣe nípọn tó ní tòótọ́, kò sì sọ bó ṣe lágbára tó. Ọ̀tọ̀ sì ni méjèèjì. Irin lè nípọn dáadáa kó má lágbára. Ó sì lè lágbára kó jẹ́ pé ó tín-ín-rín ju orúkọ rẹ̀ lọ. Ìnípọn rẹ̀ ni ẹ lè fi téèpù àti òṣùwọ̀n mọ̀ lórí sáìtì láàárín wákàtí kan. Agbára rẹ̀, ilé àyẹ̀wò nìkan ló lè jẹ́rìí sí i.

Ẹni tó ń kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tàbí méjì la kọ èyí fún: onílé tó ń ra irin fúnra rẹ̀, kọ́ńtírákítọ̀, àti ẹnjiníà tó ń dúró ti iṣẹ́. Ohun tí ẹ máa nílò ni téèpù gígùn, òṣùwọ̀n àfikọ́ tó lè gbé 50 kílò, ayùn irin, bọ́rọ́ọ̀ṣì onírin, kálípà, àti ẹ̀rọ ìṣírò inú fóònù.

Ẹ ka gíréèdì lórí àwòrán kí ẹ tó dé ọjà

Gíréèdì ni iye agbára tí mìlímítà onígun mẹ́rin kan nínú irin lè gbà kí irin náà tó juwọ́ sílẹ̀. Tí a bá ń fa irin, yóò máa nà díẹ̀díẹ̀, tí a bá sì tú u sílẹ̀, yóò padà sí gígùn rẹ̀. Ó níbi tí fífà yóò dé tí kò ní padà mọ́. Agbára tó gbé e débẹ̀ ni àwọn ẹnjiníà máa ń kọ sórí àwòrán báyìí: `fy = 410 N/mm²` tàbí `fy = 460 N/mm²`. Ẹ wá a nínú àwọn àkíyèsí tó wà ní ẹ̀gbẹ́ tàbí ní ìsàlẹ̀ àwòrán. Tí kò bá sí níbẹ̀, ẹ pe ẹnjiníà tó yà á kí ẹ tó ra ohunkóhun, nítorí iye irin tó fi sínú òpó àti bíìmù dúró lé nọ́ńbà yẹn lórí.

Lẹ́tà tó ṣáájú nọ́ńbà irin náà ń sọ̀rọ̀. `R8` jẹ́ irin rírọ̀, ara rẹ̀ máa ń dán, gíréèdì rẹ̀ jẹ́ 250. `Y16` tàbí `T16` jẹ́ irin líle tó ní ìlà tó yọ lára. `H16` ni lẹ́tà tí wọ́n ń lò lórí àwọn àwòrán tuntun tó tẹ̀ lé ìlànà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fún irin gíréèdì 500. Ìlànà àtijọ́ tí ọ̀pọ̀ ẹnjiníà wa kọ́ nílé ìwé, BS 8110, 250 àti 460 ló ń lò. Ìlànà irin BS 4449 ti ọdún 2005 ló gbé e dé 500. Ní Nàìjíríà, NIS 117 ni ìlànà tí àjọ SON fi ń yẹ irin wò. Ọ̀pọ̀ ẹnjiníà níbí ṣì ń fi 410 ṣe ìṣírò, nítorí wọn kò fẹ́ gbẹ́kẹ̀ lé iye tó ju ohun tí irin ọjà lè fún wọn lọ. Ọgbọ́n gidi ni.

Òfin tí a fi ń yan án kò le. Gíréèdì irin tí ẹ rà kò gbọdọ̀ kéré sí ti orí àwòrán láéláé. Ó lè jù ú lọ, ṣùgbọ́n tó bá jù ú, ẹ má tìtorí bẹ́ẹ̀ dín iye irin kù. Ìdí rẹ̀ nìyí: irin gíréèdì 250 àti irin gíréèdì 500 máa ń nà bákan náà lábẹ́ ẹrù kan náà, títí ọ̀kan yóò fi juwọ́ sílẹ̀. Líle gíréèdì kò sọ irin di aláìnà. Tí ẹ bá wá yọ irin kan nínú márùn-ún kúrò nínú dẹ́kì nítorí pé irin yín le, mẹ́rin tó kù yóò nà ju bí ẹnjiníà ṣe rò lọ, kọnkéré abẹ́ rẹ̀ yóò sì la, dẹ́kì yóò tẹ̀ sísàlẹ̀ láàárín. Bí kò tiẹ̀ wó, omi yóò gba ojú àlà wọlé, irin yóò sì máa jẹrà.

Fífi irin rírọ̀ rọ́pò irin líle ni àṣìṣe tó léwu jù. Ní ọ̀pá kan sí ọ̀pá kan, irin 250 kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ju ìdajì agbára irin 460 lọ. Yàtọ̀ sí èyí, ara rẹ̀ tó ń dán kò jẹ́ kí kọnkéré dì í mú bí àwọn ìlà ara irin líle ṣe ń ṣe. Ní ìdàkejì, tí àwòrán bá ní kí ẹ fi `R8` ṣe ríìngì, tí `Y8` nìkan ló wà lọ́jà, ẹ lè lò ó ní iye kan náà àti àlàfo kan náà, tí bẹ́ńdà yín bá lè tẹ̀ ẹ́ láìjẹ́ kó là.

Ọ̀rọ̀ kan tí àwọn oníṣòwò irin máa ń sọ ni TMT. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe irin ni TMT, kì í ṣe gíréèdì. Bí irin ṣe ń jáde ní pípọ́n láti inú ẹ̀rọ, wọ́n á da omi alágbára sí i lára, ara òde rẹ̀ á le, inú rẹ̀ á sì rọ̀. Ó dára, nítorí irin bẹ́ẹ̀ máa ń lágbára láìgbẹgẹ́. Ṣùgbọ́n TMT lè jẹ́ 420, ó lè jẹ́ 500. Ẹ béèrè nọ́ńbà. Ẹ sì rántí pé iná ni wọ́n fi ṣe é, iná náà ló lè bà á jẹ́: kí bẹ́ńdà má fi iná gáàsì yọ́ ọ kó tó tẹ̀ ẹ́, nítorí líle tó wà lára òde yóò lọ.

Nígbà tí ọkọ̀ bá dé, kí wọ́n tó já irin sílẹ̀

Tí irin bá ti wà nílẹ̀ tán, tí dẹ́rẹ́bà sì ti lọ, ọ̀rọ̀ á di àríyànjiyàn. Ẹ ṣe apá àkọ́kọ́ yìí nígbà tí irin ṣì wà lórí ọkọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wo ara irin fúnra rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ SON máa ń lu àmì tirẹ̀ mọ́ ara irin nígbà tó bá ń jáde, àmì yẹn á sì máa tún ara rẹ̀ ṣe láti òkè dé ìsàlẹ̀ ọ̀pá. Ẹ wá àmì náà lára irin mẹ́ta tàbí mẹ́rin láti ìdì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Irin tí kò ní àmì kankan kò ní bàbá. Tó bá bàjẹ́, kò sí ẹni tí ẹ lè mú. Tí àmì méjì bá wà nínú ẹrù kan, ẹrù méjì ni kí ẹ kà á sí, kí ẹ sì yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò lọ́tọ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo káàdì tí wọ́n so mọ́ ìdì. Ìwọ̀n irin, gíréèdì àti nọ́ńbà ìyọ́ ló yẹ kó wà lórí rẹ̀. Nọ́ńbà ìyọ́ ni ilé iṣẹ́ fi ń mọ ìkòkò irin yíyọ́ tí ọ̀pá náà ti jáde, nọ́ńbà yẹn kan náà ló sì yẹ kó wà lórí ìwé ẹ̀rí tí oníṣòwò fún yín. Ìwé ẹ̀rí tí nọ́ńbà rẹ̀ kò bá ti káàdì mu kò wúlò fún ẹrù yẹn, bí òǹtẹ̀ orí rẹ̀ tiẹ̀ pọ̀.

Ẹ tẹ téèpù lé ọ̀pá mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Mítà 12 ni wọ́n ń tà. Tí ẹ bá bá mítà 11 àti díẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Yóò wúlò nínú ìṣírò tó ń bọ̀, yóò sì wúlò fún bẹ́ńdà tó ti fi mítà 12 pín irin rẹ̀.

Ẹ wo ibi tí wọ́n ti ká irin sí méjì kó lè gba inú ọkọ̀. Irin 8 àti 10 lè fara dà á. Irin 16 sókè tí wọ́n ká ní kíká líle lè ti là lábẹ́, àlà yẹn a sì máa fara hàn nígbà tí wọ́n bá nà án padà. Ẹ jẹ́ kí bẹ́ńdà gé ibi kíká yẹn kúrò, kó má bàa bọ́ sí àárín bíìmù tàbí sí ẹsẹ̀ òpó. Fún irin 20 àti 25, ẹ sọ nígbà tí ẹ bá ń sanwó pé kí wọ́n fi tírélà gbé e wá ní nínà.

Ní ti ìpẹtà, ẹ fi àpò sìmẹ́ǹtì nu ún. Tó bá jẹ́ eruku pupa lásán ló kúrò, kò sí wàhálà. Kọnkéré á dì í mú. Tó bá ń bọ́ ní èépá, tí ihò wẹ́wẹ́ sì wà lábẹ́ rẹ̀, irin ti ń jẹ lọ. Ẹ fi bọ́rọ́ọ̀ṣì onírin fọ̀ ọ́ dáadáa, kí ẹ tó wọ̀n ọ́, kí òṣùwọ̀n lè sọ ohun tó ṣẹ́ kù.

Kí ló dé tí kálípà kò fi tó

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fi kálípà di irin mú, wọ́n á rí 16, ọkàn wọn á balẹ̀. Ìdí tí kò fi tó ni pé ara irin líle kò tẹ́jú. Ìlà tó yọ lára rẹ̀ ga ju ara rẹ̀ lọ. Tí ẹ bá fi ẹnu kálípà lé orí ìlà, irin 16 tó péye yóò kọjá 16. Tí ẹ bá wọ̀n ọ́ láàárín ìlà àti ìlà, yóò dín sí 16. Nọ́ńbà 16 yẹn kì í ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ó jẹ́ ìnípọn tí irin náà ì bá ní, ká ní wọ́n yọ́ gbogbo ìlà rẹ̀ pọ̀ mọ́ ara rẹ̀ tó wá dán gbinrin. Nítorí náà, irin tó tín-ín-rín lábẹ́ ṣùgbọ́n tí ìlà rẹ̀ ga lè fi 16 han kálípà láìjẹ́ 16.

Ohun tí kálípà wúlò fún ni láti mọ̀ bóyá irin rí roboto. Ẹ fi di àárín ìlà mú, ẹ yí i, ẹ tún di í mú ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Tí ìyàtọ̀ bá pọ̀, ẹ̀rọ tó ṣe é ti jẹ. Ẹ sì wo ìlà ara rẹ̀ pẹ̀lú. Ìlànà BS 4449 ní kí ìlà náà ga ní ìwọ̀n 0.03 sí 0.15 ti ìnípọn irin. Fún irin 16, kò gbọdọ̀ dín ní ìdajì mìlímítà tàbí bí bẹ́ẹ̀. Ìlà tí èékánná kò lè kọ́ mọ́ rárá kò lè di kọnkéré mú bó ṣe yẹ.

Òṣùwọ̀n

Irin kò lè purọ́ fún òṣùwọ̀n, nítorí ìwúwo irin kò yàtọ̀ láti ilé iṣẹ́ kan sí ìkejì: irin tó gùn ní mítà kan, tó fẹ̀ ní mítà kan, tó sì ga ní mítà kan jẹ́ kílò 7,850. Nítorí náà, tí a bá mọ gígùn ọ̀pá kan àti ìwúwo rẹ̀, a ti mọ bó ṣe nípọn tó, ìlà ara rẹ̀ àti gbogbo ohun tó kù. Ìṣírò rẹ̀ kúrú:

```
w = kílò ÷ mítà
d = 12.74 × √w
```

`d` ni ìnípọn tòótọ́ ní mìlímítà. Ohun tó yẹ kí ẹ bá nìyí. Òpó kejì nínú àtẹ ìsàlẹ̀ yìí ni kílò tó yẹ kó wà nínú mítà kan. Òpó kẹta ni èyí tó kéré jù tí BS 4449 gbà, ìyẹn ìdá 6 nínú 100 sísàlẹ̀ fún irin 8, àti ìdá 4.5 fún èyí tó bá ju 8 lọ. Òpó kẹrin ni iye ọ̀pá onímítà 12 tó ń wọ tọ́ọ̀nù kan.

| Irin | Kílò ní mítà kan | Tó kéré jù | Ọ̀pá nínú tọ́ọ̀nù |
|---|---|---|---|
| 8 | 0.395 | 0.371 | 211 |
| 10 | 0.617 | 0.589 | 135 |
| 12 | 0.888 | 0.848 | 94 |
| 16 | 1.579 | 1.508 | 53 |
| 20 | 2.466 | 2.355 | 34 |
| 25 | 3.853 | 3.680 | 22 |

Ẹ kọ́kọ́ dán òṣùwọ̀n yín wò. Ẹ fi pákì omi kan kọ́ ọ, èyí tó ní ìgò 12 tí ìgò kọ̀ọ̀kan gba lítà kan àbọ̀. Omi inú rẹ̀ jẹ́ kílò 18, ọ̀rá àti ìgò á sì fi díẹ̀ lé e. Tí òṣùwọ̀n bá ní 16 tàbí 20, ẹ wá òmíràn.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú ọ̀pá mẹ́ta láti ìdì mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ má jẹ́ kí oníṣòwò tàbí dẹ́rẹ́bà bá yín yàn án, ẹ sì má mú gbogbo rẹ̀ láti òkè ẹrù. Ẹ na ọ̀pá kọ̀ọ̀kan, ẹ fi téèpù wọ̀n gígùn rẹ̀ dé sẹ̀ǹtímítà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ fi okùn so àárín rẹ̀ mọ́ òṣùwọ̀n, ẹ gbé òṣùwọ̀n kọ́ sí ibi gíga, kí ẹnikẹ́ni má di orí ọ̀pá mú, kí orí ọ̀pá má sì kan ilẹ̀. Tí ọ̀pá bá gùn jù láti gbé, ẹ fi ayùn gé mítà méjì-méjì nínú rẹ̀, kí ẹ sì wọ̀n gbogbo ègé rẹ̀ pọ̀. Irin 8 fúyẹ́ jù fún òṣùwọ̀n àfikọ́. Ẹ so márùn-ún pọ̀, kí ẹ sì pín kílò wọn fún àpapọ̀ gígùn wọn.

Nígbà tí ẹ bá ń ra irin ní tọ́ọ̀nù, ọ̀nà kan tún wà tó yára ju èyí lọ. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ kọjá lórí òṣùwọ̀n ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, pẹ̀lú ẹrù àti láìsí ẹrù, kí ẹ sì tún ka ọ̀pá. Òṣùwọ̀n ọkọ̀ nìkan kò tó, kíkà nìkan kò sì tó. Ẹni tó bá ń ta irin tín-ín-rín ní iye ọ̀pá yóò fún yín ní 53 tó pé, ṣùgbọ́n kílò á dín. Ẹni tó bá ń tà á ní kílò yóò fún yín ní kílò tó pé, ṣùgbọ́n ọ̀pá á pọ̀ ju 53 lọ. Inú ọ̀pọ̀ onílé a máa dùn nígbà tí ọ̀pá bá pọ̀ jù. Àmì irin tín-ín-rín gan-an ni.

Àpẹẹrẹ kan: irin 16 fún òpó

Ẹ jẹ́ ká ní ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Ìbàdàn. Àwòrán ní `4Y16` fún òpó kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú `fy = 410 N/mm²`. Tọ́ọ̀nù kan irin 16 dé, ọ̀pá 53, gẹ́gẹ́ bó ṣe wà lórí wéébíìlì. A mú ọ̀pá mẹ́ta. Àkọ́kọ́ gùn ní mítà 11.95, ó wúwo ní kílò 16.2. Ìkejì jẹ́ mítà 12.00 àti kílò 16.4. Ìkẹta jẹ́ mítà 11.90 àti kílò 16.0. Tí a bá pín kílò fún mítà, a ó rí 1.356, 1.367 àti 1.345. Àárín gbogbo wọn jẹ́ 1.356.

Èyí tó kéré jù tí ìlànà gbà ni 1.508, nítorí náà gbogbo wọn ló kùnà, kì í sì í ṣe ọ̀kan péré. Ìdá 14 nínú 100 ni wọ́n fi dín sí 1.579. Tí a bá fi sínú ìṣírò, `12.74 × √1.356` jẹ́ 14.8. Irin tí wọ́n pè ní 16 kò pé mìlímítà 15.

Ó dà bí ìyàtọ̀ kékeré létí ẹni tó ń gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ojú ibi tí a ti gé irin ló ń gbé ẹrù, ìyẹn sì ń dín kù kíákíá ju ìnípọn lọ. Ojú irin 16 tó péye jẹ́ mìlímítà onígun mẹ́rin 201. Ti irin yìí kò ju 173 lọ. Nínú òpó tó ní irin mẹ́rin, ẹnjiníà retí 804, ẹ ó fún un ní 691. Àìpé rẹ̀ jẹ́ 113, iye yẹn sì ni ojú odidi irin 12 kan. Ńṣe ló dà bí ẹni pé ẹnì kan fa irin 12 kan yọ kúrò nínú gbogbo òpó ilé náà.

Owó náà ń lọ pẹ̀lú rẹ̀. Ọ̀pá 53 tó jẹ́ kílò 1.356 ní mítà kan kò ju nǹkan bí kílò 862 lọ. Owó tọ́ọ̀nù kan ni ẹ san, kílò 138 kò dé. Ká ní kílò ni ẹ fi rà á, ọ̀pá 61 ni ẹ ì bá kà.

Ìdánwò títẹ̀, àti ilé àyẹ̀wò

Irin tó yege lórí òṣùwọ̀n ṣì lè jẹ́ irin burúkú. Ọ̀pọ̀ irin tí wọ́n ń ṣe nílé jẹ́ irin kọ́ńdẹ́ḿ tí wọ́n yọ́: ẹ́ńjìnnì mọ́tò àtijọ́, páànù, àti irin ilé wíwó. Tí ilé iṣẹ́ kò bá ṣètò ohun tó ń wọ inú ìkòkò, kábọ̀nù, sọ́fọ̀ àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì inú irin a pọ̀ jù. Kábọ̀nù púpọ̀ máa ń mú irin le, nítorí náà ó lè kọjá gíréèdì tí wọ́n fẹ́, ṣùgbọ́n yóò gbẹgẹ́: kò ní nà kó tó já. Ilé tí irin rẹ̀ ń nà máa ń là, ó ń tẹ̀, ó ń kìlọ̀ fún àwọn tó ń gbé inú rẹ̀. Irin tó gbẹgẹ́ kì í kìlọ̀.

Lórí sáìtì, ẹ lè tẹ ọ̀pá kan láti mọ ìwà rẹ̀. Fún irin 16 sísàlẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ yí páìpù tàbí irin roboto tí ìnípọn rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin ti irin yín, ìyẹn mìlímítà 64 fún irin 16. Fún irin tó ju 16 lọ, kó jẹ́ ìlọ́po méje. Ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ dé ìgun 90, kí ẹ sì fi ojú wo ẹ̀yìn ibi títẹ̀ dáadáa. Tí ẹ bá rí àlà tó dábùú ara irin, ẹ má lò ó. Ìwọ̀n páìpù yẹn ṣe pàtàkì: ọ̀pọ̀ bẹ́ńdà máa ń tẹ irin yí ìṣó nípọn tí wọ́n kàn mọ́ pákó, ibẹ̀ sì lè fọ́ irin tó dára. Àlà tó hàn lórí ìṣó kò tíì dá irin lẹ́bi.

Fún gíréèdì, ilé àyẹ̀wò ni. Ní ìpínlẹ̀ Èkó, ilé àyẹ̀wò ohun èlò ìkọ́lé ti ìjọba wà ní Ojodu. Níbòmíràn, yunifásítì tó ní ẹ̀ka ìmọ̀ ẹnjiníà ìkọ́lé ni kí ẹ béèrè lọ́dọ̀ wọn. Ẹ gé mítà kan-kan láti ara ọ̀pá mẹ́ta nínú ìwọ̀n irin kọ̀ọ̀kan, láti ibi tí wọn kò ká rí. Ayùn ni kí ẹ fi gé e, ẹ má fi iná gé e. Ẹ lẹ orúkọ sáìtì, ọjọ́ àti nọ́ńbà ìyọ́ mọ́ ọn, kí ẹ sì gbé e lọ fúnra yín. Ègé tí oníṣòwò bá gbé wá fún yín láti yẹ̀ wò kò jẹ́rìí sí irin tó wà lórí sáìtì yín.

Èsì tó bá jáde ní nọ́ńbà mẹ́ta tó yẹ kí ẹ wò. Àkọ́kọ́ ni agbára tó juwọ́ sílẹ̀ sí. Kò gbọdọ̀ kéré sí `fy` orí àwòrán. Ìkejì ni agbára tó fi já. Ẹ pín in fún ti àkọ́kọ́. Ìkẹta ni bí irin ṣe nà tó. Fún gíréèdì B500B, èyí tí a sábà máa ń yàn fún ilé, BS 4449 fẹ́ kí ìpín yẹn jẹ́ 1.08 ó kéré tán, kí irin sì nà ní ìdá 5 nínú 100 nígbà tí fífà bá le jù. Irin tí nọ́ńbà àkọ́kọ́ rẹ̀ ga fíofío, tí ìkejì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a dọ́gba, irin tó gbẹgẹ́ ni.

Ẹ̀tàn kan wà nínú èsì tó yẹ kí ẹ mọ̀. Ẹ̀rọ ń wọn agbára lápapọ̀, ilé àyẹ̀wò ló ń pín in fún ojú irin. Ojú irin wo? Ẹ jẹ́ ká padà sí irin tó kéré sí 15 yẹn. Ká ní ó juwọ́ sílẹ̀ ní kílóníútọ̀nù 74, ìyẹn 74,000 N. Tí wọ́n bá pín in fún 173, ojú rẹ̀ ní tòótọ́, wọ́n á rí 428, èyí tó ju 410 lọ, wọ́n á sì kọ pé ó yege. Tí wọ́n bá pín in fún 201, ojú irin 16 tí ẹ sanwó fún, 368 ni wọn yóò rí, ó kùnà. Irin kan náà ni, ọjọ́ kan náà ni. Ìlànà ìdánwò fi 201 ṣe òfin, nítorí 201 ni ẹnjiníà fi ṣe ìṣírò. Nítorí náà, ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé àyẹ̀wò, kí wọ́n kọ ìnípọn tí wọ́n lò sínú èsì. Tí wọ́n bá kọ 14.8 síbẹ̀, ẹ tún nọ́ńbà náà ṣe fúnra yín.

Tí irin bá kùnà

Irin tó bá là nígbà tí ẹ tẹ̀ ẹ́ lórí páìpù tó tọ́, tàbí tí èsì ní ó gbẹgẹ́, kò ní àtúnṣe. Ẹ dá a padà. Ẹ má fi í sí òpó, ẹ má fi í sí línítẹ́ẹ̀lì pẹ̀lú.

Irin tó tín-ín-rín nìkan, tó sì lágbára bó ṣe yẹ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀. Dídá padà ṣì ni ó dára jù, pàápàá tí ẹ bá ti kọ ọ́ sórí ìwé nígbà ìrajà pé kílò ní mítà kan ni ẹ fi ń gba irin, kì í ṣe orúkọ. Tí kò bá ṣeé dá padà, ẹ gbé nọ́ńbà tòótọ́ fún ẹnjiníà, kó tún ìṣírò ṣe. Nínú àpẹẹrẹ wa, 804 tí a pín fún 173 jẹ́ 4.65, èyí tó túmọ̀ sí irin márùn-ún. Ṣùgbọ́n irin márùn-ún kò dọ́gba nínú òpó onígun mẹ́rin, nítorí náà mẹ́fà ni, mẹ́ta sí ẹ̀gbẹ́ kan, mẹ́ta sí ìkejì, ríìngì náà yóò sì yí padà. Ó tún gbọ́dọ̀ wò ó bóyá òkúta kọnkéré lè kọjá láàárín wọn. Ẹnjiníà ló ni ìpinnu yẹn. Bẹ́ńdà kò gbọdọ̀ dá a ṣe.

Kí ìpinnu tó jáde, ẹ fi ọ̀dà pupa kun orí ọ̀pá gbogbo ẹrù náà, kí ẹ sì tò ó sórí igi níbi ọ̀tọ̀, kí ẹnikẹ́ni má fà á yọ ní ọjọ́ tí wọ́n bá ń dí dẹ́kì. Irin tó yege náà, ẹ tò ó sórí igi tí kò kan ilẹ̀, ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kí ẹ sì bò ó. Ẹ so ègé mítà kan láti ara ẹrù kọ̀ọ̀kan pọ̀ mọ́ káàdì rẹ̀ àti wéébíìlì rẹ̀, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ títí ilé yóò fi parí.